Ta Ló Gbé Lẹ́tà Dání? Ìtàn Fóńtì Láàárín Word àti PDF

Bí àsìkò pùrójẹ́ẹ̀tì bá ti dé, ẹjọ́ kan náà ni a máa ń gbọ́ ní gbogbo ẹ̀ka. Ìwé tó dára lójú kọ̀ǹpútà ẹni tó tẹ̀ ẹ́ á di nǹkan mìíràn nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ alábòójútó. Lẹ́tà á ti yí padà, Orí Kejì tó bẹ̀rẹ̀ ní ojú ìwé 14 á ti sún sí 15, àpótí òfìfo á jókòó síbi tí lẹ́tà yẹ kó wà. Fún àwa tí à ń kọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹwà. Bí àmì ìsàlẹ̀ bá bọ́ lára “ọkọ”, “oko” ló kù, ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ á sì di ẹni tó ń lọ sílé oko.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé PDF ló yẹ kó gbà wá lọ́wọ́ èyí, nítorí wọ́n ti sọ fún wa pé PDF kì í yí padà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ tó pé. Ká tó lè mọ ibi tí ó ti ń yẹ̀, a ní láti tẹ̀lé ìbéèrè kan láti ọdún 1985 títí di òní: nígbà tí ìwé bá ń rin ìrìn àjò láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn, ta ló gbé lẹ́tà dání?

Orúkọ aṣọ kì í ṣe aṣọ

Fóńtì jẹ́ fáìlì lọ́tọ̀. Inú rẹ̀ ni àwòrán lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà, pẹ̀lú ìwọ̀n bí ó ṣe fẹ̀ tó. Nígbà tí a bá tẹ ọ̀rọ̀ sínú Word, ohun méjì péré ni Word ń kọ sílẹ̀: nọ́ńbà tó dúró fún lẹ́tà náà, àti orúkọ fóńtì tí a fẹ́ kó wọ̀. Kò kó àwòrán lẹ́tà sínú fáìlì wa, àfi bí a bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó dà bí ìgbà tí wọ́n kọ orúkọ aṣọ ẹbí sórí káàdì ìkésíni. Orúkọ aṣọ ló wà lórí káàdì, aṣọ fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ní in nílé á wọ̀ ọ́. Ẹni tí kò bá rí i rà á wá èyí tó jọ ọ́, á sì wọ̀ ọ́ wá sóde. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Word ń ṣe. Bí kò bá rí fóńtì tí a dárúkọ lórí kọ̀ǹpútà tó bá ara rẹ̀, á mú òmíràn tó jọ ọ́, kò sì ní pariwo.

1985: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló gbé e

John Warnock àti Charles Geschke dá iléeṣẹ́ Adobe sílẹ̀ ní ọdún 1982. Iṣẹ́ tó mú orúkọ wọn jáde ni PostScript, èdè tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣàlàyé ojú ìwé fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ní 1985, iléeṣẹ́ Apple gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé LaserWriter jáde, PostScript sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n kó fóńtì mẹ́tàlá sínú ẹ̀rọ náà láti iléeṣẹ́: Times mẹ́rin, Helvetica mẹ́rin, Courier mẹ́rin, àti Symbol kan. Mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n nítorí pé lẹ́tà lásán, èyí tó nípọn, èyí tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àti èyí tó nípọn tó sì tún tẹ̀, fóńtì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Èyí túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló gbé lẹ́tà dání. Kọ̀ǹpútà á kàn sọ pé “Times ni kí o fi tẹ èyí”, ẹ̀rọ á sì fa Times yọ láti inú ara rẹ̀. Bí ìwé bá lo fóńtì tí kò sí lára mẹ́tàlá náà, kọ̀ǹpútà ní láti fi fóńtì náà ránṣẹ́ pẹ̀lú iṣẹ́. Bí kò bá fi ránṣẹ́, Courier ni ẹ̀rọ máa ń fi rọ́pò rẹ̀, èyí tó jọ lẹ́tà táípù. Ẹni tó bá ti rí ìwé tó jáde pẹ̀lú Courier láìròtẹ́lẹ̀ ti rí baba ńlá ìṣòro tiwa.

1993: fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Warnock kọ ìwé kúkúrú kan nípa iṣẹ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Camelot. Ohun tó ń wá ni bí ìwé ṣe lè lọ láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, kí ojú rẹ̀ má yí padà, kódà bí ẹni tó gbà á kò bá ní ètò tí wọ́n fi kọ ọ́. Láti ibẹ̀ ni PDF ti wá, wọ́n sì gbé e síta ní 1993.

Ọ̀nà mẹ́ta ni PDF fàyè gbà fún lẹ́tà. Èyí àkọ́kọ́ ni kí a fi fóńtì fúnra rẹ̀ sínú fáìlì. Kò pọn dandan kó jẹ́ gbogbo rẹ̀, àwòrán àwọn lẹ́tà tí ìwé náà lò nìkan tó. Ọ̀nà kejì ni kí fáìlì kàn dárúkọ ọ̀kan nínú fóńtì mẹ́rìnlá tí gbogbo ètò tó ń ka PDF gbọ́dọ̀ ní. Mẹ́rìnlá náà ni mẹ́tàlá ti LaserWriter, pẹ̀lú Zapf Dingbats. Ọ̀nà kẹta ni kí fáìlì dárúkọ fóńtì mìíràn láìfi sínú rẹ̀, kí ó kàn kọ ìwọ̀n bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó sílẹ̀.

Ọ̀nà kẹta yìí ni Adobe ṣe fóńtì àtẹ́lẹwọ́ méjì kan sílẹ̀ fún, Adobe Serif MM àti Adobe Sans MM. Fóńtì méjèèjì lè fà gùn, wọ́n sì lè sún kì, títí lẹ́tà wọn á fi fẹ̀ tó ìwọ̀n tí fáìlì kọ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ìlà ọ̀rọ̀ inú PDF kì í fi í sáà sún kúrò ní àyè rẹ̀, kódà nígbà tí ojú lẹ́tà bá ti yí padà. A lè fi èyí mọ ibi tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. Bí lẹ́tà bá yí padà ṣùgbọ́n tí ìlà dúró síbi tó wà, inú PDF ni fóńtì kò sí. Bí ìlà àti ojú ìwé bá sún pẹ̀lú, nǹkan ti bàjẹ́ nínú Word kí a tó sọ ọ́ di PDF rárá.

Ẹni tó ni fóńtì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀

Fífi fóńtì sínú fáìlì kò tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Ẹni tó ya fóńtì tà á ni, bí àwòrán rẹ̀ bá sì ń bá gbogbo ìwé rìn, ẹnikẹ́ni lè yọ ọ́ kó sì máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 1989, Apple àti Microsoft kéde pé àwọn ń ṣe irú fóńtì mìíràn tí yóò bá ti Adobe díje. TrueType ni wọ́n pè é, ó dé orí kọ̀ǹpútà Apple ní 1991, ó sì dé Windows 3.1 ní 1992, pẹ̀lú Times New Roman, Arial àti Courier New.

Àwọn fóńtì yìí ní nọ́ńbà kékeré kan nínú tí à ń pè ní fsType. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ ohun tí olóhun gbà. Òdo túmọ̀ sí pé kò sí ìdíwọ́. Mẹ́rin túmọ̀ sí pé a lè fi sínú ìwé fún kíkà àti títẹ̀ nìkan. Mẹ́jọ fàyè gba àtúnṣe pẹ̀lú. Méjì túmọ̀ sí pé kí a má fi sínú ìwé kankan láìgba àṣẹ. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, nígbà tí iléeṣẹ́ Agfa Monotype pe Adobe lẹ́jọ́ pé ètò Acrobat 5 kò ka nọ́ńbà náà sí bó ṣe yẹ. Ní 2005, adájọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Illinois dá Adobe láre. Ó ní nọ́ńbà náà kì í ṣe àgádágodo tó ń ti ilẹ̀kùn. Word ṣì ń bọ̀wọ̀ fún nọ́ńbà yìí títí di òní. Bí fóńtì tí a gbà lórí ayélujára bá ní méjì nínú, Word kò ní fi í sínú fáìlì. Ó lè sọ ọ̀rọ̀ náà di àwòrán dípò lẹ́tà bí a bá mú “Bitmap text when fonts may not be embedded”. Á hàn sójú, ṣùgbọ́n a kò ní lè wá ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀ mọ́.

Ogún 1985 ṣì wà nínú Word

Nígbà tí Office 2007 jáde, kò lè ṣe PDF fúnra rẹ̀, nítorí Adobe àti Microsoft kò fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ náà. Àfikún ni a ní láti lọ gbà, kí ó tó di pé wọ́n fi í sínú Office pẹ̀lú àtúnṣe tó jáde ní 2009. Láti ìgbà náà, bí a bá fi Word ṣe PDF, ó máa ń fi ọ̀pọ̀ fóńtì sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀pọ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Times New Roman àti Arial lè wà níta, nítorí wọ́n ka àwọn méjèèjì sí fóńtì tí kò sí ibi tí wọn kò sí. Ẹ rántí mẹ́tàlá ti LaserWriter: Times New Roman dúró fún Times, Arial dúró fún Helvetica, Monotype sì ti yọ Arial kí lẹ́tà rẹ̀ fẹ̀ tó ti Helvetica gẹ́lẹ́. Èrò 1985 ni, pé ẹni tó gbà á ti ní in. Ṣùgbọ́n fóònù Android kò ní Times New Roman, kọ̀ǹpútà Linux sì lè má ní in. Times New Roman yìí náà sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ń pàṣẹ pé kí a fi tẹ pùrójẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí èyí ń ṣe sí ìwé Yorùbá. Ká ní a fi Times New Roman tẹ orí ìwé kan nípa odò Ọ̀ṣun, a sì sọ ọ́ di PDF láìfọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. A lè fi àṣẹ `pdffonts` wo inú rẹ̀, kó sì sọ ohun tó jọ èyí:

```
name                      type          encoding    emb sub uni
------------------------- ------------- ----------- --- --- ---
TimesNewRomanPSMT         TrueType      WinAnsi     no  no  no
BCDEEE+TimesNewRomanPSMT  CID TrueType  Identity-H  yes yes yes
```

Fóńtì kan náà hàn lẹ́ẹ̀mejì. Ìlà àkọ́kọ́ ni ti àwọn lẹ́tà tí WinAnsi mọ̀, ìyẹn àkójọ lẹ́tà ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù tí Windows ti ń lò tipẹ́. A, b, k, à, é àti irú wọn wà níbẹ̀. “no” tó wà lábẹ́ `emb` sọ pé wọn kò sí nínú fáìlì. Ìlà kejì ni ti àwọn lẹ́tà tí WinAnsi kò mọ̀, ẹ, ọ àti ṣ. Word ní láti fi ìwọ̀nyí sínú fáìlì, ó sì fi wọ́n sínú rẹ̀. Lẹ́tà ńlá mẹ́fà tó ṣáájú àmì `+` ń sọ pé àwọn tí a lò nìkan ló wà níbẹ̀.

Lórí kọ̀ǹpútà tó ní Times New Roman, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n lórí fóònù tí kò ní in, ẹ, ọ àti ṣ á jáde pẹ̀lú ojú Times New Roman gidi, a, b àti k tó yí wọn ká á sì gba ojú fóńtì mìíràn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo á wá dà bí aṣọ tí wọ́n fi oríṣi ankara méjì rán. Bí ẹ bá ti rí PDF Yorùbá tí àwọn lẹ́tà alámì ìsàlẹ̀ inú rẹ̀ dúdú ju àwọn yòókù lọ tàbí tí wọ́n kéré sí wọn, ẹ fura sí èyí.

Ohun tó wò ó sàn wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ìwé pamọ́. Ní 2005, àjọ ISO fọwọ́ sí ìlànà ISO 19005-1, tí à ń pè ní PDF/A, fún ìwé tí ó gbọ́dọ̀ ṣeé kà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ìlànà yìí kò fàyè gba “ó ti ní in nílé”. Gbogbo fóńtì tí ìwé bá lò gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì, Times New Roman pẹ̀lú. Nínú Word orí Windows, a ó lọ sí File, Save As, a ó mú PDF, a ó tẹ Options, a ó sì fi àmì sí “PDF/A compliant”. Nínú Word àtijọ́, “ISO 19005-1 compliant (PDF/A)” ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bí a bá tún lo `pdffonts`, “yes” ló yẹ kó wà lábẹ́ `emb` ní gbogbo ìlà. Ẹni tí kò ní àṣẹ yìí lè ṣí PDF náà nínú Adobe Reader, kó lọ sí File, Properties, kó tẹ Fonts. Níwájú fóńtì kọ̀ọ̀kan ó yẹ kó rí “Embedded Subset”. Bí ó bá rí “Actual Font” pẹ̀lú orúkọ mìíràn, arọ́pò ló ń wò.

Bí fóńtì bá sọnù kí PDF tó dé

Ìṣòro kejì kò sí lọ́wọ́ PDF rárá. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan fi Charis SIL tẹ iṣẹ́ rẹ̀, fóńtì ọ̀fẹ́ tó mọ àmì ohùn wa dáadáa. Ó wá gbé fáìlì Word lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà fún títẹ̀. Kọ̀ǹpútà ibẹ̀ kò ní Charis SIL. Word á mú òmíràn, lẹ́tà rẹ̀ lè tóbi jù tàbí kéré jù, ìlà á sún, ojú ìwé á sún, àkóónú iwájú ìwé kò sì ní bá nọ́ńbà ojú ìwé mu mọ́. Bí wọ́n bá wá sọ ọ́ di PDF/A níbẹ̀, fóńtì á wọ inú fáìlì lóòótọ́, ṣùgbọ́n arọ́pò ni. PDF tọ́jú ohun tí ó bá lọ́wọ́ Word, kò mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó kọ̀wé.

Orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti kọ ìwé náà ni ó yẹ kí wọ́n ti ṣe PDF rẹ̀. Bí ó bá pọn dandan kí fáìlì Word fúnra rẹ̀ rìn, bóyá alábòójútó fẹ́ kọ àtúnṣe sínú rẹ̀, a lè lọ sí File, Options, Save, kí a fi àmì sí “Embed fonts in the file”. Lábẹ́ rẹ̀ ni “Embed only the characters used in the document” wà. Ẹ má mú un bí ẹlòmíràn bá máa fi kún ìwé náà, nítorí lẹ́tà tí ẹ kò lò kò ní sí níbẹ̀ fún un. Ẹ yọ àmì kúrò níwájú “Do not embed common system fonts” pẹ̀lú. Èrò 1985 kan náà ni.

Ohun tí kò sí, a kò lè dì í

Ìṣòro kẹta jẹ́ tiwa ju ti ẹlòmíràn lọ. Nínú Unicode, àkójọ tó fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà, ẹ jẹ́ U+1EB9, ọ jẹ́ U+1ECD, ṣ sì jẹ́ U+1E63. Ẹ àti ọ wà láàárín àwọn lẹ́tà tí èdè Vietnam ń lò, nítorí àwọn náà ń fi àmì sábẹ́ fáwẹ̀lì láti fi ohùn hàn. Ṣ kò sí nínú èdè wọn. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ fóńtì tí wọ́n ṣe fún ọjà Vietnam ní ẹ àti ọ, ṣùgbọ́n wọn kò ní ṣ. Kò tún sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni a máa ń so pọ̀, U+0300 fún àmì ìsàlẹ̀ ohùn àti U+0301 fún àmì òkè, fóńtì ló sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì yẹ kó jókòó.

Bí a bá wá fi irú fóńtì bẹ́ẹ̀ tẹ “Ọ̀ṣun”, Word á rí Ọ, kò ní rí ṣ. Á ya ṣ lọ́wọ́ fóńtì mìíràn láìsọ fún wa, orúkọ fóńtì tí a yàn ni yóò sì ṣì máa hàn lókè. Nínú PDF, fóńtì méjì á wọlé, àwọn méjèèjì á sì ní “yes”. Fífi fóńtì sínú fáìlì ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ìwé ṣì burú. Ohun tó kù ni kí a yan fóńtì tó ní gbogbo lẹ́tà wa láti ìbẹ̀rẹ̀. A lè dán an wò pẹ̀lú ìlà kan kí a tó tẹ ojú ìwé ọgọ́rùn-ún: ẹ tẹ “Ọ̀ṣẹ́ṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ẹ̀ṣọ́”, ẹ sọ ìlà náà nìkan di PDF, kí ẹ sì ka iye fóńtì tó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ju orúkọ kan lọ, ẹ ti rí èsì kí alábòójútó tó rí i.